Tíkẹ́ẹ̀tì -0.75 mi wọlé, àmọ́ owó ò pé

Ọmọ_Lágere
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mo fi 2,000 náírà ta -0.75 ní ọ́ọ̀dì 1.90 ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere níbí, àwọn tí mo mú sì jẹ 1-0. Mo ń retí 3,800, kásíà wá ka 2,900 lé mi lọ́wọ́, ó ní "Half Won" ni wọ́n kọ sí i. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ṣọlá_Òpá
Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ jàre. Half Won yẹn túmọ̀ sí pé ìdajì lo jẹ, wọ́n á pín ọ́ọ̀dì ẹ sí méjì ni, 1.90 á di 0.95, wọ́n á wá fi sọ 2,000 ẹ di púpọ̀, 1,900 nìyẹn. Tí wọ́n bá fún ẹ ní 2,900 a jẹ́ pé kásíà yẹn ṣe àṣìṣe, ó san lé fún ẹ, bó bá ṣe èmi ni mi ò ní padà lọ síbẹ̀ lọ bi wọ́n ní nǹkan kan.

Akin_Iléṣà
Ṣọlá má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà o. Ní Iléṣà níbí tí o bá ta hándíkáàpù, tí wọ́n kọ 0:1 sí i, tí àwọn tí o mú wá jẹ 1-0, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ ti já nìyẹn, o ò rí kọ́bọ̀ gbà, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìwọ Ọmọ_Lágere, 1-0 ò tó láti gba hándíkáàpù. Ẹni tó san 2,900 fún ẹ ṣe ẹ́ lóore ni.

Bọ̀dá_Kásíà
Àbúrò Ọmọ_Lágere, owó ẹ pé. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe, kò sí ẹni tó ṣe ẹ́ lóore.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà ilé tẹ́tẹ́ ní Sàbó kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló sì máa ń fa ìjà jù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, torí èèyàn á ti fi 3,800 sùn lálẹ́ Sátidé, ilẹ̀ á mọ́ á wá bá 2,900. Ṣọlá, o mú apá kan nínú ẹ̀, ìdajì ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ́ọ̀dì ni wọ́n ń pín. Owó tí o fi ta ni wọ́n ń pín.

Ẹ wò ó, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ -0.75 lórí pápá. Kò sí bí ẹgbẹ́ kan ṣe fẹ́ fi ìdámẹ́rin ayò ju èkejì lọ. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé kó ya 2,000 ẹ sí méjì ọgbọọgba, kó fi 1,000 ta -0.5, kó fi 1,000 tó kù ta -1, 1.90 kan náà sì ni méjèèjì ń gbé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbòmíì ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí -0.5/1 tàbí -0.5, -1, nǹkan kan náà ni gbogbo ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lo rà, bébà kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ fún ẹ.

Wá gbé 1-0 ẹ síbẹ̀. Ti -0.5 kọ́kọ́: ayò kan ni wọ́n fi jẹ, yọ ààbọ̀ kúrò, ààbọ̀ ṣì kù sílẹ̀ fún ẹ, ó wọlé, 1,000 lọ́nà 1.90 jẹ́ 1,900. Ó wá ku ti -1: ayò kan, yọ ayò kan kúrò, òfo. Ọ̀mì nìyẹn, ìwọ ò jẹ wọ́n, àwọn náà ò jẹ ẹ́, wọ́n dá 1,000 ẹ padà bó ṣe wà. 1,900 pẹ̀lú 1,000 ni 2,900 tí kásíà kà fún ẹ. Èrè ẹ níbẹ̀ jẹ́ 900. Tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ 2-0 ni, méjèèjì ì bá wọlé, o ì bá gba 3,800. Tí wọ́n bá ta ọ̀mì, méjèèjì á já, o ò ní rí nǹkan kan.

Akin, eré mìíràn ni tìẹ. 0:1 tí ẹ ń ta ní Iléṣà yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló ní, ilé, ọ̀mì, àlejò. Àwọn náà máa ń yọ ayò kan, àmọ́ bí ó bá di ọ̀mì lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, ẹni tó mú ọ̀mì ló jẹ, ẹni tó mú ilé ti pàdánù. Nínú ti Éṣíà, irú èyí tí Ọmọ_Lágere ta, kò sẹ́ni tó lè mú ọ̀mì, ọ̀nà méjì péré ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń dá owó padà. Orí fóònù, àkọlé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà lábẹ́ ẹ̀, ọ̀kan á kọ "Handicap", èkejì á kọ "Asian Handicap". Bí o bá rí kólọ́ọ̀nù láàárín nọ́ńbà méjì, ti ọ̀nà mẹ́ta ni. Bí o bá rí pọ́ínǹtì 25 tàbí 75, ti Éṣíà ni, kò lè jẹ́ òmíràn.

Akin_Iléṣà
Há. Bọ̀dá ẹ ṣé o. A jẹ́ pé gbogbo àwọn 1-0 tí mo ti sọnù yẹn, ká ní -1 ti Éṣíà ni mo ta, wọn ì bá dá owó mi padà?

Bọ̀dá_Kásíà
Wọn ì bá dá a padà. Ṣùgbọ́n ọ́ọ̀dì ẹ̀ náà ò ní ga tó èyí tí o gbà ní 0:1, wọ́n ti yọ owó ìdápadà yẹn lára ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ìyá_Ìbejì_Modákẹ́kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́, ọmọ mi ọkùnrin ló ń ta á, mo kàn ń ka ohun tí ẹ ń sọ ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ tí Nàìjíríà gbá pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà ní 2024, tí Nwabali mú pẹ́nárítì méjì tí gbogbo àdúgbò sì ń jó, ọmọ yìí ti fi 4,000 ta Nàìjíríà ní -0.25. Inú ẹ̀ dùn pé ó ti wọlé. Nígbà tó débẹ̀ wọ́n fún un ní 2,000, ó bá ń bá ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ jà pé Nàìjíríà mà ló jẹ, Nàìjíríà ló mà lọ sí àṣekágbá. Títí di òní ló ń sọ pé wọ́n ja òun lólè. Ṣé lóòótọ́ ni?

Bọ̀dá_Kásíà
Ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ mà. Wọn ò jà á lólè.

Ìṣẹ́jú 90 àti èyí tí réfírí bá fi kún un ni tẹ́tẹ́ yẹn ń kà. Nígbà tí ìṣẹ́jú 90 pé lọ́jọ́ 7 oṣù kejì 2024 yẹn, 1-1 ni. Troost-Ekong ti gbá pẹ́nárítì wọlé fún wa, Mokoena wá gbá ti wọn wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àfikún àsìkò, pẹ́nárítì 4-2, Nwabali, kò sí èyí tó kan tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Lójú ilé tẹ́tẹ́, ọ̀mì ni wọ́n ta.

-0.25 wá jẹ́ òfo àti -0.5. 2,000 wà lórí òfo, ọ̀mì ni, wọ́n dá a padà. 2,000 kejì wà lórí -0.5, ọ̀mì ò tó o, ó já. 2,000 tí wọ́n fún un yẹn, owó ara ẹ̀ ni wọ́n dá padà fún un, kò jẹ nǹkan kan. "Half Lost" ló yẹ kó wà lára bébà ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Modákẹ́kẹ́
Half Lost gan-an ló wà níbẹ̀, mo rántí, ó fi hàn mí. Àṣé ohun tó ń bá ọmọ yẹn jà ni pé ó rí owó gbà, ó wá rò pé ẹni tó bá ti gba owó ti jẹ. Màá sọ fún un. Ẹ ṣé gan-an.

Ọmọ_Lágere
Bọ̀dá ẹ ṣeun, ó ti yé mi báyìí. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì kù. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ní -0.5 náà lórí eré kan náà, 1.65 ni ọ́ọ̀dì ẹ̀. Torí 1.90 tó ga jù ni mo ṣe mú -0.75. Ṣé mo ṣe dáadáa àbí mi ò ṣe dáadáa?

Tíṣà_Ìṣirò
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí èyí, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì níbí, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gidi.

Má wo 1.90 àti 1.65 lásán, torí 1.90 yẹn kì í ṣe ohun tí o máa gbà ní gbogbo ìgbà tí àwọn tí o mú bá jẹ. Nígbà tí wọ́n bá fi ayò kan péré jẹ, ọ́ọ̀dì ẹ gan-an ni (1.90 + 1) ÷ 2, ìyẹn 1.45. Fi sọ 2,000 di púpọ̀ wò, 2,900 kan náà ni. Nítorí náà ohun tí o ń yàn láàárín ẹ̀ rèé: -0.5 á san 3,300 fún ẹ bí wọ́n bá ṣáà ti jẹ, ì báà jẹ́ ayò kan ì báà jẹ́ márùn-ún. -0.75 á san 2,900 tó bá jẹ́ ayò kan, 3,800 tó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ayò kan, o fi 400 sílẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, o fi 500 gbé e. Ọ̀mì àti ìpàdánù ò kan ìfiwéra yìí rárá, 2,000 ẹ lọ lọ́nà méjèèjì.

Tó o bá wá kó ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tí wọ́n jẹ jọ, tí márùn-ún nínú ẹ̀ jẹ́ ayò kan, tí mẹ́rin jẹ́ méjì sókè, márùn-ún lọ́nà 400 jẹ́ 2,000, mẹ́rin lọ́nà 500 jẹ́ 2,000, kò sí èrè kò sí àdánù láàárín méjèèjì. Ibẹ̀ ni ààlà wà fún ọ́ọ̀dì méjì tí o dárúkọ yìí. Ìbéèrè tó yẹ kó o bi ara ẹ kí o tó mú -0.75 ni pé àwọn èèyàn yìí, tí wọ́n bá ń jẹ, ṣé wọ́n máa ń fi púpọ̀ jẹ ni àbí wọ́n á gbá ọ̀kan wọlé kí wọ́n tì ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká lo Súpà Íígù nínú ìdíje 2024 tí ìyá wa mẹ́nu bà yẹn, gbogbo wa la wò ó. Eré méje ni wọ́n gbá: Gínì Alágedeméjì 1-1, Kódífúà 1-0, Gínì-Bìsáù 1-0, Kamẹrúùnù 2-0, Àǹgólà 1-0, Gúúsù Áfíríkà 1-1 nínú ìṣẹ́jú 90, àṣekágbá Kódífúà lù wọ́n 2-1. Mi ò sọ pé ọ́ọ̀dì tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ gbé jáde nígbà yẹn nìyí o, mo kàn fẹ́ fi 1.90 àti 1.65 ti Ọmọ_Lágere dán an wò, 2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n jẹ, mẹ́ta jẹ́ ayò kan, ẹyọ kan ṣoṣo jẹ́ méjì. -0.75: 2,900 lẹ́ẹ̀mẹta àti 3,800 lẹ́ẹ̀kan, 12,500. -0.5: 3,300 lẹ́ẹ̀mẹrin, 13,200. Ẹni tó lé ọ́ọ̀dì gíga fi 700 sílẹ̀. Ẹ sì wò ó dáadáa, 14,000 ni kálukú kó sílẹ̀, kò sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó rí owó ẹ̀ kó jáde.

Ṣọlá_Òpá
Tíṣà, ẹ ṣé, mo gbà pé mo ṣì í lórí ọ́ọ̀dì tí mo ní wọ́n ń pín. Àmọ́ mi ò gbà pé -0.75 ò dáa. Ikọ̀ Nàìjíríà yẹn, wọ́n ń gbá eré àgbáàbò ni nínú ìdíje yẹn, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń gbá mẹ́ta mẹ́rin wọlé nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Tíṣà_Ìṣirò
Ìyẹn náà jóòótọ́. Àmọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbé -0.75 ní 1.90 fún ẹ. -1.75 tàbí -2.25 ni wàá bá níbẹ̀, bákan náà ni wọ́n sì ń ya owó sí méjì: -1.75 jẹ́ -1.5 àti -2, -2.25 jẹ́ -2 àti -2.5. Wàá tún padà sórí ìbéèrè kan náà ni, ayò mélòó gan-an.

Ṣọlá_Òpá
Kò burú. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tèmi o, ó ti ń dùn mí láti bí oṣù méjì. Mo kó eré mẹ́ta pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú 1,000, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìrẹ̀mọ. Méjì wọlé, ọ́ọ̀dì 1.70 àti 1.60. Ẹ̀kẹta, +0.75 ni mo mú níbẹ̀ ní 1.85, àwọn tí mo mú wá pàdánù 1-0. Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti já, wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn torí mo rò pé eré kan ṣáà já nínú ẹ̀. Àmọ́ pẹ̀lú ohun tí Bọ̀dá ń sọ yìí, ṣé ó yẹ kó já?

Akin_Iléṣà
Tí ọ̀kan bá já nínú àkójọ, gbogbo ẹ̀ ti já nìyẹn, òfin tẹ́tẹ́ gbogbo ayé ni.

Bọ̀dá_Kásíà
Akin, ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí eré náà bá já tán. Èyí ò já tán.

+0.75 jẹ́ +0.5 àti +1. Pàdánù 1-0: +0.5 ò gbà wọ́n sílẹ̀, ó já. +1 sọ ọ́ di ọ̀mì, owó padà. Half Lost ni, bíi ti ọmọ Ìyá Ìbejì. Nínú àkójọ, bí a ṣe ń ṣe é níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ni pé eré tó bá jẹ́ Half Lost á di ọ́ọ̀dì 0.5, eré tó bá jẹ́ ọ̀mì á di 1.00, Half Won á di ohun tí Tíṣà ṣírò yẹn. O wá máa sọ wọ́n di púpọ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé 0.5 yẹn kàn já bọ́ láti ojú ọ̀run, ẹ fojú inú wo 1,000 Ṣọlá bí tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Ọ̀kan, 500, ó kó 1.70, 1.60 àti +0.5: +0.5 já, 500 yẹn lọ. Èkejì, 500, ó kó 1.70, 1.60 àti +1: +1 di ọ̀mì, ó jáde kúrò nínú ẹ̀, ó ku 1.70 lọ́nà 1.60, 2.72. 500 lọ́nà 2.72 jẹ́ 1,360. Ó yẹ kí wọ́n fún ẹ ní 1,360, Ṣọlá, èrè 360 lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí ìdajì eré kan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ eré méjì ló jẹ́ pọ́ínǹtì 25 tàbí 75, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló máa wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà nìkan ló lè rójú ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìsọdipúpọ̀, èsì kan náà ló ń mú jáde.

Akin_Iléṣà
Bọ̀dá, ṣé gbogbo ilé tẹ́tẹ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Torí mo mọ ibì kan tí wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí o kó ti Éṣíà pọ̀ mọ́ nǹkan kan, tí o bá tẹ̀ ẹ́ á pupa.

Bọ̀dá_Kásíà
Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ nìkan ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Kálukú ló ní òfin tiẹ̀, ó wà nínú ìwé àdéhùn wọn lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí hándíkáàpù, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni wọ́n á fi dá ẹ lóhùn.

Ṣọlá, kí o tó lọ bá wọn jà, wá bébà yẹn jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí màá wò ni àmì tó wà níwájú 0.75 yẹn. Mo ti rí ẹni tó rò pé òun tẹ +0.75, tó sì jẹ́ pé -0.75 ló wà níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ra lójú fóònù. Tó bá jẹ́ -0.75 tí wọ́n sì pàdánù 1-0, ó já tán lóòótọ́, wọn ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Èkejì, wò ó bóyá "Asian" wà lára àkọlé eré náà. Ẹ̀kẹta, fi kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì yẹn wá a lórí fóònù, wọ́n á kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ síwájú ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ Half Lost síwájú eré yẹn, tí ìsàlẹ̀ sì ń sọ pé òfo lo gbà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ṣọlá_Òpá
Mo rí bébà náà nínú àpò ṣòkòtò kan. +0.75 ni, àmì ìròpọ̀ hàn kedere, "Asian Handicap" sì wà níbẹ̀. Mo fi kóòdù wá a, "Half Lost" ni wọ́n kọ síwájú eré yẹn, "Won" síwájú àwọn méjì tó kù. Nísàlẹ̀, 0.00.

Bọ̀dá_Kásíà
Ya fọ́tò ojú fóònù yẹn kí o tó ṣe nǹkan mìíràn, oṣù méjì ti lọ, àwọn kan máa ń pa ìtàn tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ rẹ́. Má bá kásíà fa á, kò lágbára kankan lórí ẹ̀, mánéjà ni kí o béèrè. Sọ fún un pé 0.5 lọ́nà 1.70 lọ́nà 1.60 lọ́nà 1,000, kó ṣí òfin tí wọ́n fi kọ 0.00 hàn ẹ́.

Ọmọ_Lágere
Ṣọlá jọ̀ọ́ padà wá sọ fún wa o, torí èmi náà ní àkójọ kan tó ní +0.25 nínú fún Sátidé yìí.

Ṣọlá_Òpá
Mo ti débẹ̀. Mánéjà wo fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́, ó ṣírò ó lórí fóònù tiẹ̀, òun náà rí 1,360. Ó ní òun ò lè san án láti ibẹ̀, pé òun máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn, kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó kọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì sínú ìwé. Mo ní kó bu ọwọ́ lù ú, ó bu ọwọ́ lù ú.